Èṣù àti àlùfáà: ọ̀rọ̀ méjì, ọ̀nà méjì

Bíbélì kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì gbà kọjá, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n já sí yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú Èṣù. Lọ́dọ̀ àwọn babaláwo, òun ni òjíṣẹ́ tó ń gbé ẹbọ dé ọ̀run, ẹni orítà. Nígbà tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ Bíbélì, èyí tó jáde lódidi ní 1884, Èṣù ni wọ́n pe ẹni tó dán Jésù wò nínú Mátíù orí 4. Bí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ṣe ń bàjẹ́ nìyẹn. Báwo la ṣe mọ̀ pé kò burú tẹ́lẹ̀? Orúkọ ló jẹ́rìí: Èṣùbíyìí, Èṣùgbàyí. Ta ni yóò fi ọ̀tá Ọlọ́run sọ ọmọ tuntun lórúkọ? Ó dùn mí pé àwọn kan ń pa orúkọ baba wọn dà nítorí ìtumọ̀ tí kò tíì sí nígbà tí wọ́n sọ ọ́. Lẹ́nu àwọn oníṣẹ̀ṣe, ti àtijọ́ ṣì wà.

Àlùfáà ní tirẹ̀ gbòòrò ni. Onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn atúmọ̀ Bíbélì wá fi pe Árónì àtàwọn ọmọ rẹ̀. Ọ̀wọ̀ tó wà lára ọ̀rọ̀ náà bá a wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Àmọ́ kò dúró bẹ́ẹ̀: lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn lónìí, ààfáà ni ti mọ́sálásí, àlùfáà ni ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rọ̀ tó gbòòrò tún ti súnkì.