Mo lọ ṣe irun ní ṣọ́ọ̀bù tuntun tí mo rí lórí Instagram: ibi tí “ìdajì owó” náà parí sí

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni mo rí i. Fọ́tò ṣọ́ọ̀bù onídìrí tuntun kan ní Àkọ́bọ̀, níbí ní Ìbàdàn: ògiri funfun, àga dúdú mẹ́rin, ríbọ́ọ̀nù pupa lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ ló mú mi dìde jókòó: “Ẹ̀yin ará Àkọ́bọ̀, a ń ṣílẹ̀kùn ní Sátidé! Ẹni 20 tó bá kọ́kọ́ dé, ìdajì owó ni wọ́n máa san.” Ibẹ̀ ni Instagram gé e sí. Ẹni tí kò bá tẹ “more” kò ní rí ìyókù, inú ìyókù yẹn sì ni ọ̀rọ̀ owó wà.

Mo tẹ̀ ẹ́. Wọ́n to irú irun tí wọ́n ń ṣe: ṣùkú, kojúsọ́kọ̀, nọ́tílẹ́sì, rílásà. Wọ́n ní aago 8 àárọ̀ ni. Nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn àwọn ọ̀rọ̀ alámì # tí ojú ń fò kọjá, wọ́n kọ ọ́ pé owó iṣẹ́ nìkan ni ẹ̀dínwó náà kàn. Mo fi fóònù ya ojú ìwé náà pa mọ́, àṣà mi ni bí ọ̀rọ̀ bá ti kan owó.

Mo dé ibẹ̀ kí aago 8 tó lù, wọ́n sì kọ nọ́ńbà 11 fún mi. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago 9 lù, obìnrin kan wọlé pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Wọ́n ní ẹni 20 ti pé. A ò ju 14 lọ níbẹ̀! Àṣé àwọn mẹ́fà ti kọ̀wé sí wọn lórí DM láti ilé, wọ́n sì ti kà wọ́n mọ́ ọn. Obìnrin náà ṣí fóònù rẹ̀, ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti di “tó bá kọ́kọ́ dé tàbí tó kọ̀wé sí wa”, “Edited” sì wà lára rẹ̀. Instagram á jẹ́ kó o mọ̀ pé wọ́n ti tún un kọ, àmọ́ kò ní fi ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ hàn ọ́. Mo fi èyí tí mo yà han màdáámú. Ó kà á, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ obìnrin náà, ó sì gbà á sí ìdajì owó. Ìyẹn wú mi lórí, torí ó lè ṣe bíi pé òun ò rí i.

Ọmọ tó ṣe irun mi mọ iṣẹ́. Irun orí ẹni ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ nọ́tílẹ́sì, wọ́n á wá máa fi atáṣimẹ́ǹtì kún un díẹ̀díẹ̀, kí kókó má baà wà nídìí irun tí á máa fa awọ orí. Nígbà tó dé iwájú, mo gbójú sókè, ó sì fà mí.

“Ọmọ mi, iwájú yìí le o.”

“Ẹ má bínú, mà.” Ó tú mẹ́ta, ó tún un dì. Irun tó bá ń fa èèyàn lórí àga kì í dẹ̀ dé ilé, iwájú orí ló sì máa ń kọ́kọ́ pá. Níparí, ó ti ṣóńṣó irun náà bọ omi gbígbóná kó má baà tú.

Owó wá dé. Iṣẹ́ jẹ́ náírà 16,000, ó di 8,000. Wọn ò gba atáṣimẹ́ǹtì tí mo mú wá láti ilé. Mẹ́rin tiwọn, 3,000 ẹyọ kan, jẹ́ 12,000. Ìfọrun 2,000. Àpapọ̀ 22,000. Láìsí ẹ̀dínwó, 30,000 ni ǹ bá san, nítorí náà ohun tí wọ́n pè ní ìdajì fi díẹ̀ ju ìdá mẹ́rin lọ. Mo bi màdáámú léèrè: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ìfọrun kì í ṣe iṣẹ́ ni?” Ó rẹ́rìn-ín, ó yọ 1,000 kúrò. Mo san 21,000.

Ohun tó yẹ kí wọ́n kọ sókè pátápátá, kí “more” tó gé e, kò ju èyí lọ: “Sátidé, aago 8. Ẹni 20 tó bá kọ́kọ́ wọlé, ìdajì owó iṣẹ́. Atáṣimẹ́ǹtì wa la ń lò, kò sí lára rẹ̀.” Ǹ bá ṣì lọ. Ǹ bá sì ti fi atáṣimẹ́ǹtì tí mo rà ní 2,500 sílẹ̀ ní ìsọ̀ tí mo ti rà á.

Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé, iwájú orí mi ò hu kóró kankan, ìlà irun náà ṣì gún. Màá padà lọ ní owó pípé, fún ọwọ́ ọmọ yẹn.