Àkọsílẹ̀ ní yàrá àyẹ̀wò: ẹ kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀ ni, àbí ẹ dà á kọ lálẹ́?

Ọ̀nà méjì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe àìtíì ní yàrá kẹ́míkà ń gbà. Àwọn kan ń fi báírò kọ nọ́ńbà tààrà sínú ìwé tí ojú ewé rẹ̀ kò ṣeé tú. Àwọn mìíràn á kọ ọ́ sórí àjákù bébà, wọ́n á dà á kọ nílé kó lè mọ́.

Ká ní wọ́n ń fi omi sódà díwọ̀n ásíìdì látinú búrẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá gíláàsì tó ní àmì ìwọ̀n lára. Ìgbà àkọ́kọ́ gba mílílítà 25.10, ìkejì 24.30, ìkẹta 24.40. Ẹni tó ń kọ ọ́ tààrà á fa ìlà kan ṣoṣo la 25.10, kó ṣì ṣeé kà. Á kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé afẹ́fẹ́ há sẹ́nu búrẹ́ẹ̀tì, ó sì jáde láàárín iṣẹ́, ìyẹn ló jẹ́ kí nọ́ńbà yẹn ga jù, á wá fi déètì àti orúkọ sí i. Ìpíndọ́gba méjì tó kù jẹ́ 24.35. Aládàkọ ńkọ́? Tó bá dalẹ́, ta ló tún rántí afẹ́fẹ́? Yálà kí 25.10 pòórá láìnídìí, tàbí kó wọlé, kí ìpíndọ́gba di 24.60. Ọ̀gá kò ní mọ èyí tó ṣẹlẹ̀.

Aládàkọ rí nǹkan kan sọ o: ásíìdì lè ta sí ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ìwé jìnnà sí búrẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì bọ́ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó mú báírò. Tó bá ta sí i náà, ẹ má ya ewé yẹn. Ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ewé tó tẹ̀ lé e.