Mo fi Copernicus Browser ṣọ́ oko kòkó wa lẹ́yìn Iléṣà: ohun tí mo rí, àti ohun dúdú tó tàn mí jẹ

Ilé-Ifẹ̀ ni mo ń gbé, ṣùgbọ́n oko bàbá wa wà lẹ́yìn Iléṣà, ní agbègbè tí àwọn ènìyàn ti ń wa góòlù. Oko kòkó ni, nǹkan bí éékà mẹ́jọ, àkùrọ̀ kan sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ létí odò. Lóṣù kejìlá, ẹ̀gbọ́n mi pè mí.

"Àbúrò, wọ́n ní àwọn kan ti ń gbẹ́ ilẹ̀ létí odò o. Ṣé o lè yà débẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ó lórí kọ̀ǹpútà ná."

"Lórí kí ni?" Ẹ̀rín pa á.

Copernicus Browser ni mo ní lọ́kàn, ojúlé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó máa ń gbé àwòrán sátẹ́láìtì Sentinel-2 ti ilẹ̀ Yúróòpù jáde. Ọ̀fẹ́ ni, owó dátà nìkan lẹ máa san. Ó máa ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n ojú fóònù kéré jù fún irú iṣẹ́ yìí, kọ̀ǹpútà ni kí ẹ lò. Tí wọ́n bá ní kí n fún un ní ìràwọ̀, mẹ́rin nínú márùn-ún ni màá fún un. Ìràwọ̀ kan tó kù, ẹ máa rí ibi tó bọ́ sí.

Ẹ ṣí i, ẹ wá ibi tí ẹ fẹ́ wò, ẹ yan Sentinel-2 L2A, ẹ sì mú ọjọ́ tí ìkúùkuu kò pọ̀. L2A ni kí ẹ yàn nítorí wọ́n ti yọ èyí tó pọ̀ nínú ìdíwọ́ afẹ́fẹ́ kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ `False color` sí. Lójú ẹsẹ̀, gbogbo igbó Ìjẹ̀ṣà á pọ́n fòò. Ọmọ mi obìnrin tó dúró lẹ́yìn mi bi mí pé, "Dádì, ṣé iná ń jó ni?"

Iná kọ́. Kọ̀ǹpútà máa ń fi àwọ̀ mẹ́ta ya àwòrán, pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní àga mẹ́ta. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta jókòó sórí àga tí kì í ṣe tiwọn. Ìmọ́lẹ̀ infurarẹ́ẹ̀dì tí ojú wa kò lè rí, tí wọ́n ń pè ní `B08`, jókòó sórí àga pupa. Ìmọ́lẹ̀ pupa gan-an, `B04`, bọ́ sórí àga àwọ̀ ewé, ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ ewé, `B03`, sì lọ sórí àga búlúù. Ewé tútù máa ń gbé èyí tó pọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ pupa mì, ó fi ń ṣe oúnjẹ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò nílò infurarẹ́ẹ̀dì, nítorí náà á ta nǹkan bí ìdajì rẹ̀ padà sókè. Ìdí nìyẹn tí ewé fi ń pọ́n lójú àwòrán. Bí ewé bá ṣe pọ̀ tó, tó sì ní ìlera tó, bẹ́ẹ̀ ni pupa rẹ̀ ṣe máa ń dán tó. Omi tó mọ́ ní tirẹ̀ máa ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú infurarẹ́ẹ̀dì mì, ìyẹn ló fi máa ń dúdú bíi kóró iṣin.

Ilẹ̀ tí kò ní koríko ló ń da ènìyàn láàmú. Ọ̀pọ̀ àlàyé tí mo kà ní àwọ̀ búlúù tó jọ eérú ni ilẹ̀ gbalasa máa ń ní. Lójú Iléṣà ìlú, òótọ́ ni, nítorí páànù, kọnkéré àti títì ló pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ pupa tiwa nìyí, ilẹ̀ tó kún fún ìpẹta irin, kì í jáde bẹ́ẹ̀. Ó máa ń ta infurarẹ́ẹ̀dì padà dáadáa, ó máa ń ta pupa padà níwọ̀nba, kò sì fẹ́ràn àwọ̀ ewé. Tí ẹ bá pa àga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, àwọ̀ ràkúnmí ló máa yọ, ìyẹn pupa rẹ́súrẹ́sú tó fẹ́ di ìyeyè. Tí ẹ bá ń wá búlúù, ẹ ò ní rí ilẹ̀ gbalasa kankan nínú oko yín.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí mo ṣe ṣìnà. Nínú àwòrán oṣù kìíní, oko kòkó wa pọ́n dáadáa. Létí àkùrọ̀, mo rí ojú dúdú kan tí kò sí nínú àwòrán oṣù kọkànlá. Mo ní àwọn awakùsà ti gbẹ́ kòtò, omi sì ti kún un. Ní òkè odò, níwájú díẹ̀, ibì kan wà tí àwọ̀ rẹ̀ ṣá, tó dà bí ewé tó ti di eérú. Mo ní ilẹ̀ tí wọ́n ro ni ìyẹn, mo fi sílẹ̀. Mo gun ọ̀kadà láti Iléṣà, eruku ọyẹ́ bò mí lójú, mo dé etí àkùrọ̀ mi ò bá kòtò kankan. Aládùúgbò wa ló dáná sun oko rẹ̀ láti fi gbin iṣu. Nígbà tí mo gòkè odò báyìí ni mo rí kòtò gan-an, omi ẹrẹ̀ kún inú rẹ̀ bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Ibi tí mo pè ní ilẹ̀ ríro ni! Èyí tí mo pè ní omi jẹ́ eérú iná, èyí tí mo pè ní ilẹ̀ sì jẹ́ omi.

Ó gba mi ní alẹ́ méjì kí n tó mọ ohun tó fà á. Èédú dúdú máa ń gbé infurarẹ́ẹ̀dì mì bíi ti omi, nítorí náà ibi tí iná jó máa ń dúdú nínú `False color`. Omi tó kún fún ẹrẹ̀ ní tirẹ̀ kì í dúdú, nítorí iyanrìn àti amọ̀ inú rẹ̀ máa ń ta ìmọ́lẹ̀ pupa àti àwọ̀ ewé padà sókè, ìyẹn ló fi gba àwọ̀ ewé eléérú yẹn. Ibi tí wọ́n ti ń fọ góòlù gẹ́lẹ́ ni ẹ ti máa rí irú omi bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ní agbègbè tiwa, ẹni tó bá ń wá dúdú nìkan kò lè rí kòtò awakùsà.

Ohun tó yanjú rẹ̀ fún mi ni bọ́tìnnì kejì tí wọ́n pè ní `SWIR`. Níbẹ̀, wọ́n gbé infurarẹ́ẹ̀dì tó jìnnà sí pupa ju ti àkọ́kọ́ lọ, `B12`, sórí àga pupa, `B8A`, infurarẹ́ẹ̀dì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ `B08`, wà lórí àga àwọ̀ ewé, `B04` sì wà lórí búlúù. Bí omi bá mọ́ gaara o, bó kún fún ẹrẹ̀ o, ó máa ń gbé `B12` mì. Ẹrẹ̀ lè mú kí omi dán díẹ̀ nínú infurarẹ́ẹ̀dì àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ èyí. Nítorí náà kòtò ẹrẹ̀ yẹn di búlúù dúdú lójú ẹsẹ̀, ilẹ̀ pupa tó yí i ká pọ́n rẹ́súrẹ́sú, oko tí iná jó di pupa tó dà bí àwọ̀ obì gbígbẹ, ewé sì padà di àwọ̀ ewé rẹ̀. Ọmọ mi fẹ́ràn èyí ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó ní ìyẹn jọ ohun tó ń rí láyé.

Tí bọ́tìnnì náà kò bá sí níbi tí ẹ ń lò, ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ àṣẹ fúnra ẹni, kí ẹ sì kọ ọ́ báyìí:

```
return [2.5*B12, 2.5*B8A, 2.5*B04];
```

Ìlọ́po 2.5 yẹn kàn ń mú kí àwòrán mọ́lẹ̀ ni. Ẹ lè gbé e sókè tàbí kí ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Òjìji ìkúùkuu náà máa ń dúdú, ó sì lè tan ènìyàn, ṣùgbọ́n àmì rẹ̀ kò le. Ìkúùkuu tó ni ín máa ń wà nítòsí. Nǹkan bí aago 11 òwúrọ̀ tiwa ni sátẹ́láìtì yìí ń kọjá lórí wa (aago tó ń hàn lójú àwòrán máa ń fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí tiwa, ó kọ́kọ́ dà mí láàmú). Nígbà ọyẹ́, oòrùn àkókò yẹn wà ní gúúsù ìlà-oòrùn, nítorí náà òjìji á bọ́ sí àríwá ìwọ̀-oòrùn ìkúùkuu. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ wo àwòrán mìíràn, á ti lọ. Kòtò kì í lọ.

Ẹ má retí ohun tí kò lè ṣe. Oko kòkó àti igbó kìjikìji jọ máa ń pọ́n dúdú-dúdú, mi ò lè fi àwọ̀ yìí nìkan yà wọ́n sọ́tọ̀. Àárín oṣù kejìlá sí oṣù kejì ló dára jù láti wò, torí koríko ti gbẹ nígbà yẹn, àwọ̀ rẹ̀ sì ti ṣá, kòkó ṣì ń pọ́n. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún oko tíìkì. Ewé rẹ̀ máa ń wọ́ dànù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹni tí kò mọ̀ lè pariwo pé wọ́n ti gé igi.

Ìràwọ̀ kan tí mo yọ wà lọ́wọ́ òjò. Láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, ìkúùkuu ló máa ń kún ojú àwòrán lọ́pọ̀ ìgbà. Kí sátẹ́láìtì padà wá lọ́jọ́ márùn-ún-márùn-ún, kò ní kí òjò kúrò lọ́nà. Ìwọ̀n náà tún wà níbẹ̀. Ẹyọ onígun mẹ́rin kéékèèké ló para pọ̀ di àwòrán. Ẹyọ kan nínú `False color` jẹ́ mítà 10 ní ìbú àti ní gígùn, `B12` sì jẹ́ mítà 20. Pulọ́ọ̀tì kan tí wọ́n ń pè ní ẹsẹ̀ 60 sí 120 kò ju ẹyọ méje lọ, nínú `SWIR` kò tó méjì. Kòtò kékeré á darapọ̀ mọ́ ewé etí rẹ̀, á sì di àwọ̀ tí kò ní orúkọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wo méjèèjì: `SWIR` ló ń sọ fún mi pé omi ni, `False color` ló ń fi etí rẹ̀ hàn mí.

Ẹyọ mẹ́rin ni kòtò yẹn nígbà tí oṣù kejìlá ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí oṣù kìíní parí, ó ti di mọ́kànlá, ìyẹn mítà onígun mẹ́rin 1,100, ó ju pulọ́ọ̀tì kan àbọ̀ lọ. Òde ààlà wa ni, ṣùgbọ́n omi rẹ̀ ń ṣàn wá sínú àkùrọ̀ wa. Mo tẹ àwòrán méjèèjì sórí ìwé, ẹ̀gbọ́n mi sì kó wọn lọ bá olórí ẹbí, mo tẹ̀lé e. Bàbá wò wọ́n títí, wọ́n ní kí n fi igi obì tí ìyá wọn gbìn lẹ́bàá odò hàn wọ́n. Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá, igi kan ṣoṣo kò lè dá yọ níbí." Wọ́n dá ìwé náà padà fún ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní ká jọ lọ síbẹ̀ ní Sátidé.