Ẹyin 600, àti ọ̀rọ̀ tí awakọ̀ yín sọ: lẹ́tà mi sí ẹni tó ń kó ẹyin wá fún ilé oúnjẹ mi

Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ oko.

Ọ̀rọ̀ tí awakọ̀ yín sọ sí ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ láàárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí síta, kí àwọn mìíràn tó ń rà lọ́wọ́ yín lè kà á. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ fọ́ wọn nígbà tí ẹ̀ ń gbé wọn wọlé."

Kíréètì 20 ló gbé wá. Nígbà tí ọmọ náà dé orí kíréètì kẹta, ó fẹ́ mú ẹyin kan, ẹyin ò gbéra. Ó ti lẹ̀ mọ́ páálí. Funfun ẹyin tó ṣàn jáde ti gbẹ pátápátá, ó ń dán bíi gọ́ọ̀mù. Ọkọ̀ ò tíì lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́nu ọ̀nà wa. Funfun ẹyin kì í gbẹ báyẹn kíákíá. Mo fi han awakọ̀ yín, ó ní gbígbé nìkan niṣẹ́ òun, ó sì lọ. Ọmọ náà dúró síbẹ̀, omi lé lójú rẹ̀. Ìyẹn dùn mí ju ẹyin lọ.

A ti ilẹ̀kùn yàrá ìkẹ́rù, a pa iná, a sì ń fi tọ́ọ̀ṣì yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé ìdí ẹyin, ibi tó rí roboto, sórí tọ́ọ̀ṣì. Bó bá ti sán, ẹ ó rí ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ojú lásán kì í rí. Bí a bá ṣiyè méjì, a ó rọra fi ẹyin méjì kan ara wọn: èyí tí kò sán yóò dún ketekete, èyí tó sán kì í dún dáadáa. Ẹyin 41 ló ti sán, 9 nínú wọn ń jò. Gbogbo 41 ni mo dà nù. Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ mi ló ti sán, ǹ bá fọ́ ọ sínú abọ́ lójú ẹsẹ̀, kí n gbé e sí fíríìjì, kí n sì sè é jinná lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n èyí tí mi ò mọ ọjọ́ tó ti sán, mi ò lè gbé e fún oníbàárà. Ojú sísán ni kòkòrò àrùn ń gbà wọlé.

Ti kékeré ló kàn. Ohun tí a jọ sọ ni ẹyin gíráàmù 60. Mo wọn kíréètì kan láìka páálí rẹ̀, mo rí gíráàmù 1,380, ìyẹn 46 fún ẹyin kan. Kíréètì mẹ́jọ ló rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ṣe kéèkì fún wa kì í wọn ẹyin, kíkà ló ń kà á. Ó ka 12, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, àpòpọ̀ náà sì fi bíi gíráàmù 170 dín. Kéèkì oníbàárà jáde ní gbígbẹ, ó ń rún wómúwómú. A tún un ṣe.

Mo pe obìnrin tó ń gba fóònù lọ́dọ̀ yín. Ó ní, "Adìyẹ ló yé e, àwa kọ́." Mo pa fóònù.

Àmọ́ nígbà tí mo tún jókòó ti àwọn ẹyin náà, mo rí nǹkan kan. Nínú 41 tó sán, 37 ló jẹ́ ẹyin ńlá. Àwọn kékeré fẹ́rẹ̀ẹ́ má sán rárá. Bó bá jẹ́ gbágungbàgun ọ̀nà nìkan ni, ì bá kan tàwọn méjèèjì. Adìyẹ tó bá ti dàgbà máa ń yé ẹyin ńlá, ṣùgbọ́n èèpo tó ń ṣe kì í pọ̀ tó bí ẹyin ṣe ń tóbi sí i, ló bá ń fẹ́lẹ́. Adìyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yé máa ń yé kékeré, èèpo rẹ̀ sì le. Ẹyin agbo adìyẹ méjì ni wọ́n dà pọ̀ fún mi.

Lálẹ́, ẹ̀yin fúnra yín pè. Ẹ ò bá mi jiyàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán, ẹ wá ní òótọ́ ni, agbo tuntun ti ń yé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn òṣìṣẹ́ sì fi ẹyin wọn dí ohun tó kù. Kí ilẹ̀ Àbámẹ́ta tó mọ́ dáadáa, kíréètì 10 ti dé: 8 dípò àwọn kékeré, 2 dípò èyí tó sán. Mo wọ̀n wọ́n, wọ́n pé. Mo fọ́ ọ̀kan sínú àwo, pupa rẹ̀ dúró gbọnyin láàárín funfun tó ki. Láti ọdún mẹ́ta, ẹyin yín ò rà lójú mi rí, mi ò sì rí ibòmíràn tí mo ti lè sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kó ẹyin agbo tuntun sọ́tọ̀, ẹ sọ fún wa kí a lè máa wọ̀n ọ́n. Ẹ fi ìkarahun lílọ̀ tí kò kúnná kún oúnjẹ àwọn àgbà adìyẹ yẹn. Kí awakọ̀ yín sì dúró títí a ó fi ṣí kíréètì lójú rẹ̀.

Nínú 5, mo fún yín ní 4. Ọ̀kan tó kù wà lọ́wọ́ awakọ̀ yín. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló tún ń bọ̀. Ọmọ náà ni yóò gba ẹyin lọ́wọ́ rẹ̀, awakọ̀ náà ò sì tíì bẹ̀ ẹ́.