Mo jẹ nígbà 31 nínú 40, owó mi sì dín: àgbéyẹ̀wò ẹgbẹ́ sígínà àti bọ́ọ̀tì fọ́rẹ́ẹ̀sì kan

Ọmọ àbúrò màmá mi ló fà mí wọ ẹgbẹ́ yìí lórí Tẹligíráàmù. Ó ní òun ń rí owó epo ọkọ̀ níbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mi ò ní í dárúkọ wọn, nítorí bí mo bá dárúkọ wọn lónìí, orúkọ mìíràn ni wọ́n á máa jẹ́ lọ́la. Oṣù mẹ́ta ni mo lò lọ́dọ̀ wọn: ìdajì rẹ̀ lórí sígínà, ìyẹn àṣẹ ìrà tàbí ìtà tí kóòṣì ń fi ránṣẹ́, ìdajì tó kù lórí bọ́ọ̀tì, ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń dá ṣòwò fúnra rẹ̀, tí wọ́n tà fún mi. Wúrà ni wọ́n ń tà jù, èyí tí ẹ máa rí lójú fóònù bíi XAUUSD.

Ohun tí wọ́n fi ń fa èèyàn mọ́ra ni iye ìgbà tí wọ́n ń jẹ. "Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá!" ni kóòṣì máa ń kọ lálaalẹ́. Kò kúkú parọ́ púpọ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ọgbọ́n wà. Mo ra ìwé kékeré kan, mo ń kọ gbogbo sígínà sínú rẹ̀, torí mo ti ṣàkíyèsí pé èyí tó bá bàjẹ́ máa ń pòórá kí ilẹ̀ tó mọ́. Sígínà kọ̀ọ̀kan ní TP1, TP2 àti TP3, ìyẹn àwọn ibi tí a ti lè kó èrè, àti SL, ibi tí a ó ti gbà pé owó lọ. TP1 wọn kì í ju $3 lọ sí ibi tí a ti wọlé. SL wọn máa ń jìn tó $12. Tí ọjà bá ti kan TP1 lásán, wọ́n ti kà á mọ́ ìgbà tí wọ́n jẹ nìyẹn.

Mo kọ 40 sílẹ̀. 31 kan TP1, 9 kan SL. 0.01 lọ́ọ̀tì ni mo fi ń tà, ìyẹn áúǹsì wúrà kan, nítorí náà bí wúrà bá sún $1, $1 náà ló ń wọlé fún mi tàbí tó ń jáde. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: 31 lọ́nà 3 jẹ́ $93, 9 lọ́nà 12 jẹ́ $108. $15 ti wọgbó. Kí a tó wá ka iye tí búrókà, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé tiréèdì wa wọ ọjà, ń jẹ láàárín iye ìrà àti iye ìtà, tó ń lọ sí bíi 30 sẹ́ǹtì lórí tiréèdì kan: $12 mìíràn nìyẹn. Mo jẹ nígbà 31 nínú 40, $27 sì bá a lọ.

Kí wá ni èrè kóòṣì? Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa fún sígínà. Ohun tó ń sọ ni pé, "Ọ̀fẹ́ ni o, ẹ ṣáà gba ìsopọ̀ mi yìí ṣí àkáǹtì." Búrókà ló ń sanwó fún un, lórí lọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan tí a bá tà, ì báà jẹ́ pé a jẹ tàbí a ò jẹ. Ká ní 300 èèyàn ń fi 0.1 lọ́ọ̀tì tẹ̀ lé sígínà márùn-ún lójúmọ́: 150 lọ́ọ̀tì ni. Bí búrókà bá ń fún un ní $5 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, $750 ló ń gbà lọ sílé lójúmọ́ náà. Ìgbà tí mo ṣe ìṣirò yìí ni ó tó yé mi ìdí tí sígínà fi ń wá kódà nígbà tí ọjà bá sùn fọnfọn. Mi ò bá a jà pé ó ń gba owó iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sọ fún wa rí.

Bọ́ọ̀tì wá ńkọ́? $120 ni mo rà á. Mo fi $400 sí àkáǹtì, mo gbé e sórí MetaTrader 5, áàpù tí a fi ń ṣòwò, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò sì pé tí $400 fi di $500. Kò sí ọjọ́ kan tó pàdánù. Ìyàwó mi ti ń bi mí bóyá kí òun fi owó àjọ òun sí i. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò tíì kan òun nínú àjọ náà.

Bí ó ṣe ń ṣe é rèé. Yóò ta 0.01 lọ́ọ̀tì, tó ń retí pé wúrà á wálẹ̀. Bí wúrà bá fi $3 gòkè, kò ní í gbà pé òun ṣìnà, ńṣe ni yóò tún ta 0.02. $3 mìíràn, 0.04. Lẹ́yìn náà 0.08, 0.16, 0.32. Bí wúrà bá padà díẹ̀ báyìí, èyí tó tóbi jù á bo gbèsè àwọn tó kù, yóò ti gbogbo wọn pẹ̀lú èrè kékeré. Ọgbọ́n àwọn ata tẹ́tẹ́ ni, àwọn tó máa ń sọ owó di ìlọ́po méjì ní gbogbo ìgbà tí wọn ò bá jẹ. Ọjà sábà máa ń padà, ìdí nìyẹn tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà fi lè dùn.

Ní ọjọ́ Jimọ̀ àkọ́kọ́ oṣù, Amẹ́ríkà gbé iye iṣẹ́ tuntun wọn jáde. Wúrà, tó wà ní nǹkan bíi $2,000 nígbà náà, fi $18 gòkè láìwẹ̀yìn. Tiréèdì mẹ́fà ti ṣí, áúǹsì 63 lápapọ̀, àdánù orí wọn sì jẹ́ 18 + 30 + 48 + 72 + 96 + 96, ìyẹn $360. Nínú $500, $140 ló kù, búrókà sì ti so $252 mọ́lẹ̀ bí ìdógò. Bí wúrà ṣe ń gòkè sí i, búrókà bẹ̀rẹ̀ sí í fúnra rẹ̀ ti àwọn tiréèdì mi. Nígbà tí mo fọwọ́ ara mi ti ìyókù, $61 ni mo bá nílẹ̀.

Ohun tí mo ì bá ti béèrè kí n tó ra nǹkan ni ọ̀rọ̀ aṣínà kejì. MetaTrader ní méjì: èyí tí a fi ń tà, àti èyí tí wọ́n pè ní Investor, tí a kàn fi ń wo àkáǹtì láìlè fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá ń jèrè lóòótọ́ lè fún yín ní ìkejì yìí láìsí ewu. Àwòrán ojú fóònù kò tó, ẹnikẹ́ni lè ya ti àkáǹtì ìdánrawò. Tí ẹ bá wọlé, ẹ wo Volume nínú ìtàn àkáǹtì. Bí 0.01 bá ń di 0.02, 0.04, 0.08 lẹ́yìn àdánù, ẹ ti mọ ọmọ ìyá bọ́ọ̀tì mi. Ẹ tún fi Balance wé Equity, torí Balance kì í ka gbèsè tó ṣì ṣí sílẹ̀. Òun ló ń gòkè kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ nígbà tí Equity ti ń rì. Nínú ìròyìn àkáǹtì, ẹ fi Largest loss trade wé Average profit trade. Bí àdánù kan bá lè gbé èrè ìgbà ogójì lọ, iye ìgbà tí wọ́n jẹ kò jámọ́ nǹkan. Ọjọ́ orí àkáǹtì náà ṣe pàtàkì: èèyàn lè bẹ̀rẹ̀ mẹ́wàá, kí ó sì fi ọ̀kan tó là hàn yín.

Ohun kan tí mo gbọ́dọ̀ fi yìn wọ́n ni pé owó mi kò kúrò ní àkáǹtì tèmi. Ti CBEX ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn ló gba owó sọ́wọ́, wọ́n ní bọ́ọ̀tì á sọ ọ́ di ìlọ́po méjì láàárín oṣù kan, ó sì wó ní oṣù kẹrin 2025, tí àwọn èèyàn fi ya bo ọ́fíìsì wọn ní Òkè-Àdó, n'Íbàdàn. Ẹni tó bá ní kí ẹ kówó fún òun láti bá yín ṣòwò, orúkọ rẹ̀ ní àjọ SEC ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Mo pe kóòṣì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, owó yín ló kéré. Bọ́ọ̀tì yìí ń fẹ́ $1,000." Mo padà sídìí ìwé mi. Pẹ̀lú $1,000, bọ́ọ̀tì á rí àyè ta 0.64 sí i. Tí wúrà bá wá fi $3 péré gòkè, àdánù á di $741, $259 á kù, ìdógò á sì ti lé ní $500: ibi kan náà. $500 mìíràn, ìrìn $3 ni ó rà. Mo ya àwòrán ìṣirò náà, mo fi sínú ẹgbẹ́ kí gbogbo èèyàn lè rí i. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n fi yọ mí.