Dígí Tó Wú Síta àti Dígí Tó Jìn Sínú

Mú dígí méjèèjì, kí gígùn fókọ́ọ̀sì ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn jíjìnnà dígí sí ibi tí ìtànṣán tó ti ọ̀nà jíjìn wá ti ń pàdé tàbí tó dà bíi pé wọ́n ti tú ká, jẹ́ 20 sẹ̀ǹtímítà, kí o sì tan àbẹ́là ní 30 sẹ̀ǹtímítà síwájú wọn.

Èyí tó jìn sínú ń kó ìtànṣán jọ. Wọ́n pàdé ní 60 sẹ̀ǹtímítà níwájú rẹ̀. Gbé pépà síbẹ̀, wàá rí àbẹ́là tó dorí kodò, tó tóbi ní ìlọ́po méjì. Sún àbẹ́là dé 10 sẹ̀ǹtímítà, àwòrán á nàró, á bọ́ sẹ́yìn dígí.

Èyí tó wú síta kì í yí padà bẹ́ẹ̀, ohun tó sì wù mí nípa rẹ̀ nìyẹn. Ńṣe ló ń tú ìtànṣán ká, torí náà wọn ò lè pàdé níwájú rẹ̀. Ojú wa ló ń tọ ipa wọn lọ sẹ́yìn dígí, sí 12 sẹ̀ǹtímítà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kankan ò dé; pépà ò lè gbà á. Ìtànṣán tó ti orí àbẹ́là wá kò ré kọjá sísàlẹ̀, nítorí náà àwòrán nàró.

Ìwọ̀n àwòrán yìí sí ti àbẹ́là ni f ÷ (f + u), f ni gígùn fókọ́ọ̀sì, u ni jíjìnnà àbẹ́là sí dígí: 20 ÷ 50 jẹ́ 0.4. Ní 10 sẹ̀ǹtímítà, ó di nǹkan bí 0.67. Níwọ̀n ìgbà tí f + u bá ju f lọ, kò lè pé 1.