Káàdì òwe tí mo rà l'Ọ́jà Ọba Àkúrẹ́: ó dùn, àmọ́ àwọn òwe kan ń tú ara wọn fó

Páálí kan ni, káàdì méjìdínláàádọ́ta ló gbé ìbẹ̀rẹ̀ òwe, iye kan náà ló gbé ìparí. Ẹ ó pín gbogbo ìparí fún àwọn tó ń ta á, ẹ ó da ìbẹ̀rẹ̀ dojú bolẹ̀ láàárín. Wọ́n á ṣí ọ̀kan, ẹni tí ìparí rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ ẹ̀ á jù ú sílẹ̀. Ẹni tó bá ju èyí tí kò bá a mu á gbé e padà, á sì pàdánù ìgbà tó kàn án. Ẹni tí káàdì bá kọ́kọ́ tán lọ́wọ́ rẹ̀ ló jẹ. Ẹni tó bá mọ wọ́ọ̀tì ta kò ní í pẹ́ mọ̀ ọ́n.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ rà á mọ̀ nìyí. Ọ̀pọ̀ òwe wa ló jẹ́ pé ohun tí apá àkọ́kọ́ bá sọ ni apá kejì máa ń dá padà. Nígbà tí wọ́n ṣí «Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà», ọmọ aládùúgbò mi ju «kò lè ní àkísà tó àgbà» lójú ẹsẹ̀. A yìn ín. Mo wá bi í pé kí ló túmọ̀ sí, ó ní àkísà àwọn àgbà ló pọ̀ jù nílé! Ó kàn rí «tó àgbà» nínú méjèèjì ni. Àmọ́ nígbà tí «Ilé ọba tó jó» dé, gbogbo ọmọdé dákẹ́. «Ẹwà ló bù sí i» wà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn, kò sì mọ̀. Ìyá àgbà tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ló fi ìgúnpá tọ́ ọ. (Ìyẹn náà, wọ́n ní kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀.) Irú òwe kejì yìí ni eré náà ń fẹ́, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì wà níbẹ̀.

Òfin kan wù mí gan-an: kí ọmọdé tó ju káàdì sílẹ̀ lójú àgbà, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní «tótó ó ṣe bí òwe o». Bó bá gbàgbé, ó pàdánù. Ìyá àgbà ò sì jẹ́ kó bọ́, «wàá rí òmíràn pa» ló ń dá wọn lóhùn.

Àwọn káàdì àlọ́ àpamọ̀ inú ẹ̀ ò tọ́jọ́. «Awẹ́ obì kan, à-jẹ-dỌ́yọ̀ọ́»: bí ọmọ bá ti gbọ́ pé ahọ́n ni, ó parí nìyẹn. Òwe ò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ìgbà tí a fi ń pa á ló yàtọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi nǹkan sílẹ̀: kò sí káàdì ọ̀ràn kankan, bíi kí ayálégbé máa jẹ onílé lówó, kí ẹ wá òwe tó bá a mu.

Èmi ti fi bírò kọ díẹ̀ sẹ́yìn káàdì àlọ́. Mo sì yọ àwọn òwe tó ń tú ara wọn fó sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún méje, torí pé ìwé kíkà ni wọ́n dára fún.